Ìfikọ́màso nínú Ìjábọ̀ Iṣẹ́: Ìgbà tí Kọ́mà Kò Tó

1. Ìfáárà

Nínú àròkọ yìí, a fẹ́ yẹ àṣìlò àmì kan wò, èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ ní èdè Yorùbá. Àṣìlò náà ni kí a fi kọ́mà nìkan so gbólóhùn odidi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀, láìsí ọ̀rọ̀ asopọ̀ kankan láàárín wọn. Ohun tí ó mú wa ronú lé e lórí ni ìjábọ̀ kan tí wọ́n fi hàn wá ní Odò-Ọwá, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìlọ-gbàgúdá ni ó kọ ọ́ lẹ́yìn tí omi gbígbóná ti jó o lápá. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni tàbí ilé iṣẹ́ náà, a sì ti gé ìjábọ̀ náà kúrú. Bí ó ṣe kọ apá tí ó kàn wá nìyí:

“Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ní aago mọ́kànlá èéfín dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, mo pe ọ̀gá, ọ̀gá pa ẹ̀rọ náà, nígbà tí omi inú rẹ̀ ń hó, mo ṣí ìdérí rẹ̀, omi gbígbóná tú jáde, ó dà sí mi lápá, a dá iṣẹ́ dúró, nítorí pé omi inú ẹ̀rọ kò pọ̀ tó láti àárọ̀, ó gbóná kọjá ààlà.”

Kọ́mà mọ́kànlá ni ó wà nínú rẹ̀, àmì ìdánudúró kan ṣoṣo sì ni, èyí tí ó wà ní ìparí. Àwọn tí wọ́n ka ìjábọ̀ yìí kí wọ́n tó pinnu ẹni tí yóò san owó ìtọ́jú gbà pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà jẹ́wọ́ pé òun ṣí ìdérí nígbà tí omi ṣì ń hó. Òun ní tirẹ̀ sọ pé òun kò kọ bẹ́ẹ̀. Nínú ìjábọ̀ bí ó ti wà, ohun tí ó lè sọ èyí tí ó tọ̀nà nínú méjèèjì kò sí.

2. Àwọn orúkọ tí a ó lò

Kọ́mà (,) àti àmì ìdánudúró (.) kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti jókòó ní kíláàsì. Ẹ̀kẹta wọn, sẹmikólọ̀nù (;), ni kọ́mà tí a fi àmì ìdánudúró lé lórí. Ìrísí rẹ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn, nítorí pé ó lágbára ju kọ́mà lọ, kò sì lágbára tó àmì ìdánudúró. Láàárín ọdún 1490 sí 1500 ni ó kọ́kọ́ hàn nínú ìwé títẹ̀, láti ọwọ́ Áádò Manúsíò, atẹ̀wé ìlú Fẹ́nísì ní ilẹ̀ Ítálì.

Àṣìlò tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a ó máa pè ní ìfikọ́màso. A dá ọ̀rọ̀ yìí láti ara àpólà “fi kọ́mà so”, ní ọ̀nà kan náà tí a gbà ń dá ọ̀rọ̀-orúkọ láti ara àpólà ìṣe pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì-. A fẹ́ kí olùkà kíyè sí i pé orúkọ yìí kò dẹ́bi fún kọ́mà fúnra rẹ̀. Ìsopọ̀ ni kọ́mà kò lè dá ṣe.

Ó yẹ kí a fi kún un pé òfin yìí kò rí bákan náà nínú gbogbo èdè. Ní èdè Jámánì, kọ́mà nìkan tó láti dúró láàárín gbólóhùn odidi méjì, kò sì sí olùkọ́ tí yóò fi àmì pupa sí i. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àṣìṣe ni. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ gbé òfin èdè Gẹ̀ẹ́sì wọ inú Yorùbá kìkì nítorí pé inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni a ti kọ́ ọ. Ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa ni bóyá Yorùbá fúnra rẹ̀ nílò òfin náà àti ní ibi wo. Ìjábọ̀ òkè yìí ni yóò dá wa lóhùn.

3. Olùwà ni kí a kà

Kí a tó lè mọ̀ pé kọ́mà so gbólóhùn odidi méjì pọ̀, a ní láti mọ ibi tí gbólóhùn kan parí sí. Ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń ní kí a wá ọ̀rọ̀-ìṣe. Ìmọ̀ràn yìí yóò ṣi olùkọ́ Yorùbá lọ́nà, nítorí pé èdè wa gba àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ wo gbólóhùn yìí:

Ọ̀gá mú igbá bu omi dà sínú ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: mú, bu àti dà. Síbẹ̀, gbólóhùn kan ni, kò sì sí àyè fún àmì kankan nínú rẹ̀. Ẹ wá fi í wé èyí:

Ọ̀gá mú igbá, ó bu omi, omi dà sínú ẹ̀rọ.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà sì ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé olùwà ti di mẹ́ta: ọ̀gá, ó àti omi. Olùwà tuntun ni ó ń ṣí gbólóhùn tuntun. Nítorí náà, ohun tí olùyẹ̀wò ìwé Yorùbá gbọ́dọ̀ kà ni olùwà, kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe.

Àwọn ibi mẹ́ta wà tí kíkà yìí ti gba ìṣọ́ra. Èkíní ni olùwà tí ó wà lábẹ́ “tí”, “pé”, “kí” tàbí “bí”. Nínú “nígbà tí ó hó” tàbí “kí ó tutù”, a rí ó tí ó jẹ́ olùwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n awẹ́ gbólóhùn afarahẹ ni ó wà nínú rẹ̀. Irú awẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè dá dúró. Ó ní láti fara ti olórí awẹ́ gbólóhùn. Kọ́mà ni ó sì yẹ ẹ́.

Èkejì ni gbólóhùn àṣẹ, èyí tí kì í ní olùwà bí a bá ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. “Pa ẹ̀rọ náà” jẹ́ odidi gbólóhùn, bí a kò tilẹ̀ rí olùwà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó máa ń tan ènìyàn jù lọ. Arọ́pò-orúkọ ó máa ń pòórá níwájú “kò” àti níwájú “yóò”. A kì í kọ “ó kò ṣiṣẹ́” nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. “Kò ṣiṣẹ́” ni a ń kọ. Nítorí náà, nínú “Ẹ̀rọ dúró, kò ṣiṣẹ́ mọ́”, ó dà bí ẹni pé olùwà kan ni ó wà. Bí a bá fẹ́ mọ òótọ́, kí a yí olùwà padà sí ọ̀pọ̀: “Àwọn ẹ̀rọ dúró, wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́.” Lọ́gán ni olùwà tí ó fara pamọ́ yóò jáde. Gbólóhùn méjì ni ó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kọ́mà nìkan ni ó sì so wọ́n pọ̀.

Àwọn olùkọ́ kan máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ìwé sókè, kí ó sì fi àmì sí ibi tí ohùn bá ti sinmi. Èyí kò tó. Ohùn máa ń sinmi lẹ́yìn olùwà tí ó gùn, bí “ọkùnrin tí ó ń bójú tó ẹ̀rọ ní ilé ìlọ-gbàgúdá”, kí ó tó dé orí ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹni tí ó bá gbọ́ràn sí ohùn lẹ́nu níbẹ̀ yóò fi kọ́mà ya olùwà kúrò lára ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀. Èémí ni ohùn ń tẹ̀lé, ṣùgbọ́n ètò gbólóhùn ni àmì ń tẹ̀lé.

4. Ọ̀rọ̀ tí ń so àti ọ̀rọ̀ tí ń tọ́ka sẹ́yìn

Bí a bá ti rí gbólóhùn odidi méjì pẹ̀lú kọ́mà láàárín wọn, ohun tí ó kù ni kí a wá ọ̀rọ̀ asopọ̀. Bí ó bá wà, kọ́mà ti tó. “Ṣùgbọ́n”, “àmọ́” àti “tàbí” máa ń dúró ní iwájú gbólóhùn kejì, wọn kò sì ṣòro láti rí. “Sì” ni kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn olùwà ni ó ń jókòó sí: “A pa ẹ̀rọ náà, a sì jẹ́ kí ó tutù.” Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ asopọ̀ lẹ́yìn kọ́mà gan-an, bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ ọ, yóò rí “a”, yóò sì rò pé ìfikọ́màso ni. Kì í ṣe ìfikọ́màso rárá. “Sì” ti ṣe iṣẹ́ ìsopọ̀ náà láti àyè rẹ̀. Ní ìdà kejì, “àti” kò lè ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó ń so pọ̀. Kì í so gbólóhùn.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù ni àárín àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ ara wọn. Ẹ wo “nítorí pé” àti “nítorí náà”. Ẹ wo “lẹ́yìn tí” àti “lẹ́yìn náà”. Ìbẹ̀rẹ̀ wọn bára mu, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀ pátápátá. Èyí tí ó ní “pé” tàbí “tí” ń sọ gbólóhùn tí ó tẹ̀lé e di afarahẹ. Èyí tí ó ní “náà” kàn ń tọ́ka sí ohun tí a ti sọ ṣáájú ni. Gbólóhùn tí ó tẹ̀lé e ṣì jẹ́ odidi, kò sì sí ohun tí ó so ó mọ́ ti iwájú. “Síbẹ̀” wà nínú ẹgbẹ́ kejì yìí pẹ̀lú.

Ọ̀nà kan wà láti dán wọn wò. Kí a gbé gbólóhùn kejì sí iwájú èkíní, kí a sì wò ó bóyá ìtumọ̀ dúró. “A pa ẹ̀rọ náà, nítorí pé omi ń hó” lè di “Nítorí pé omi ń hó, a pa ẹ̀rọ náà.” Ìtumọ̀ kò yí padà, kọ́mà sì tọ́ ní ọ̀nà méjèèjì. Ṣùgbọ́n “Omi ń hó, nítorí náà a pa ẹ̀rọ” kò lè di “Nítorí náà a pa ẹ̀rọ, omi ń hó.” “Náà” ti pàdánù ohun tí ó ń tọ́ka sí. Gbólóhùn tí kò bá gba irú ìṣípòpadà yìí nílò àmì tí ó ju kọ́mà lọ ní iwájú rẹ̀: “Omi ń hó; nítorí náà, a pa ẹ̀rọ.”

5. Sẹmikólọ̀nù tàbí àmì ìdánudúró?

Níbi tí kọ́mà kò bá tó, àmì ìdánudúró kò lè jẹ́ àṣìṣe láéláé. Sẹmikólọ̀nù ni ó ní ààlà: gbólóhùn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi, èrò wọn sì gbọ́dọ̀ so mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí òǹkọ̀wé fi fẹ́ kí a kà wọ́n pọ̀. Nínú ìjábọ̀ iṣẹ́, àbá tí a dá ni pé kí a fi sẹmikólọ̀nù sáàárín ìṣẹ̀lẹ̀ kan àti àyọrísí rẹ̀, tàbí sáàárín ohun tí a retí àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí àkókò bá yí padà, tàbí bí ẹni tí ó ṣe nǹkan bá yí padà láìjẹ́ pé ìṣe kan ni ó fa èkejì, àmì ìdánudúró ni kí a lò.

Olùkà lè béèrè pé: kí ni a ó ṣe sí òwe? A máa ń sọ pé, “Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ.” Gbólóhùn odidi mẹ́ta nìyí, kọ́mà nìkan ni ó wà láàárín wọn, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí a tún un kọ. Ìdí ni pé àwọn gbólóhùn náà kúrú, wọ́n dọ́gba, kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tí a lè ṣì mú mọ́ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Irú àǹfààní yìí ni ìtàn àti ewì náà ń jẹ. Ìjábọ̀ kò ní àǹfààní yìí, nítorí pé awẹ́ gbólóhùn afarahẹ pọ̀ nínú rẹ̀. Awẹ́ afarahẹ tí ó bá bọ́ sáàárín kọ́mà méjì, tí gbólóhùn odidi wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀, lè fara ti èyí tí ó bá wù ú. Ibẹ̀ gan-an ni Yorùbá ti nílò òfin yìí fún ara rẹ̀.

6. Àyẹ̀wò ìjábọ̀ náà

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Odò-Ọwá. Bí a bá ka olùwà inú ìjábọ̀ náà, tí a sì yọ àwọn tí wọ́n wà lábẹ́ “tí” àti “pé” kúrò, gbólóhùn odidi mẹ́wàá ni a ó rí. Kò sí “sì”, kò sí “ṣùgbọ́n”, kò sí ọ̀rọ̀ asopọ̀ kankan láàárín wọn. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn kọ́mà náà kò ṣe ìpalára. “Mo pe ọ̀gá, ọ̀gá pa ẹ̀rọ náà” jẹ́ ìfikọ́màso, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò ṣì í lóye. Awẹ́ afarahẹ méjì ni ó dá ọ̀ràn sílẹ̀.

Èkíní ni “nígbà tí omi inú rẹ̀ ń hó”. Bí ó bá fara ti gbólóhùn tí ó ṣáájú rẹ̀, ohun tí a ó kà nìyí:

Ọ̀gá pa ẹ̀rọ náà nígbà tí omi inú rẹ̀ ń hó. Mo ṣí ìdérí rẹ̀.

Bí ó bá sì fara ti èyí tí ó tẹ̀lé e:

Ọ̀gá pa ẹ̀rọ náà. Nígbà tí omi inú rẹ̀ ń hó, mo ṣí ìdérí rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ẹ̀rọ tí omi ń tù mọ̀ pé a kì í ṣí ìdérí agbomi rẹ̀ nígbà tí ó bá gbóná, nítorí pé omi tí a dé mọ́ inú rẹ̀ yóò tú jáde pẹ̀lú agbára. Nínú kíkà kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Nínú kíkà èkíní, a kò tíì mọ bí ó ti pẹ́ tó kí ó tó ṣí i. Kíkà kejì ni àwọn tí wọ́n jókòó lórí ọ̀ràn náà gbà, ẹni tí ó sì túmọ̀ ìjábọ̀ náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti fi àmì ìdánudúró síbẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

A pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà. A kò sọ ohun tí a rò fún un. A kàn ní kí ó ka ìjábọ̀ rẹ̀ sókè ni. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ó ka “ọ̀gá pa ẹ̀rọ náà nígbà tí omi inú rẹ̀ ń hó” pọ̀ láìsinmi, ó sì dúró kí ó tó bẹ̀rẹ̀ “mo ṣí ìdérí”. A wá bi í léèrè.

“Ìgbà wo ni omi ń hó?”

“Ìgbà tí ọ̀gá pa á ni, Bàbá. Mo dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí n tó ṣí i. Mo rò pé ó ti tutù ni.”

“Kí ló dé tí o kò kọ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà sílẹ̀?”

“Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé wọ́n á mọ̀ ni.”

A fẹ́ kí olùkà kíyè sí ìdáhùn àkọ́kọ́ rẹ̀. “Ìgbà tí ọ̀gá pa á ni.” Láìrò ó tẹ́lẹ̀, ó ti lo irinṣẹ́ tí èdè wa ní fún irú ọ̀ràn yìí gan-an, ìyẹn “ni” tí a fi ń pe àkíyèsí sí apá kan gbólóhùn. Bí a bá kọ “Ìgbà tí omi inú rẹ̀ ń hó ni ọ̀gá pa ẹ̀rọ náà”, awẹ́ afarahẹ náà ti di dídè mọ́ olórí rẹ̀. Kódà bí òǹkọ̀wé bá gbàgbé àmì ìdánudúró lẹ́yìn rẹ̀, kò lè ṣí lọ sí ibòmíràn mọ́.

Awẹ́ kejì ni “nítorí pé omi inú ẹ̀rọ kò pọ̀ tó láti àárọ̀”. Òun náà wà láàárín “a dá iṣẹ́ dúró” àti “ó gbóná kọjá ààlà”. Ṣé nítorí àìtó omi ni wọ́n ṣe dá iṣẹ́ dúró ni, àbí nítorí rẹ̀ ni ẹ̀rọ ṣe gbóná? Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ti ìgbóná ẹ̀rọ ni òun ń sọ. Ó tún hàn pé “ó” tí ó lò níbẹ̀ lè tọ́ka sí omi tàbí sí ẹ̀rọ. Nítorí náà, a ní kí ó kọ orúkọ ohun náà gan-an. Bí òun fúnra rẹ̀ ti tún ìjábọ̀ náà kọ nìyí:

“A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ̀rọ sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní aago mọ́kànlá, èéfín dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde; mo pe ọ̀gá. Ìgbà tí omi inú ẹ̀rọ ń hó ni ọ̀gá pa á. Mo dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí n tó ṣí ìdérí rẹ̀; síbẹ̀, omi gbígbóná tú jáde, ó sì dà sí mi lápá. A dá iṣẹ́ dúró. Nítorí pé omi inú ẹ̀rọ kò pọ̀ tó láti àárọ̀, ẹ̀rọ náà gbóná kọjá ààlà.”

Sẹmikólọ̀nù méjì péré ni ó wà níbẹ̀. Èkíní wà láàárín ìṣẹ̀lẹ̀ àti ohun tí ó fà. Èkejì wà níwájú “síbẹ̀”, láàárín ohun tí a retí àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀. “Sì” gba kọ́mà là ní ibi méjì. Àmì ìdánudúró tí ó wà lẹ́yìn “a dá iṣẹ́ dúró” kò ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n òun ni ó ya ìdí ìgbóná ẹ̀rọ kúrò lára ìdí ìdáṣẹ́dúró.

7. Ìkádìí

Ohun tí àyẹ̀wò yìí fi hàn ni pé títún ìfikọ́màso ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ lásán. Kíka olùwà yóò fi ibi tí àṣìlò wà hàn wá, wíwá ọ̀rọ̀ asopọ̀ yóò sì jẹ́ kí a mọ̀ bóyá kọ́mà tó. Níbi tí awẹ́ afarahẹ bá wà láàárín gbólóhùn odidi méjì, gírámà kò lè sọ fún wa ibi tí àmì ìdánudúró yóò wà. Òǹkọ̀wé nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Ògbufọ̀ tàbí olùkọ́ tí ó bá fi àmì síbẹ̀ láìbéèrè kò tún ìwé ṣe; ẹ̀rí tuntun ni ó kọ sílẹ̀ lórúkọ ẹlòmíràn. Bí a kò bá lè rí òǹkọ̀wé béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí ó tọ́ ni kí a fi kọ́mà méjèèjì sílẹ̀ bí a ti bá wọn, kí a sì kọ ìtumọ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ìwé fún ẹni tí yóò ṣe ìdájọ́.